Ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀: ojú ta ni wọ́n fi dán an wò?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ilé-iṣẹ́ kan tó ń fọ́nnu pé ẹ̀rọ àwọn tó ń dá ojú mọ̀ máa ń gbà á dé 97%, àmọ́ mo tún ń gbọ́ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣi àwọn tó dúdú mọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ tí ojú àwọn dúdú ò fi pọ̀ nínú dátà wọn, báwo sì làwọn tó ń ṣèwádìí ṣe ń wọn ìyàtọ̀ yẹn gan-an?"

Àbúrò, 97% yẹn lè jẹ́ òótọ́ o. Wọ́n lè má parọ́ rárá, kí ẹ̀rọ náà ṣì máa ṣi ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn obìnrin tó dúdú mọ̀. Jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀, màá sì mú dátà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ dáadáa ká fi tọpa ọ̀rọ̀ náà, torí tó o bá lóye ti ìyẹn, àwọn tó kù ò ní ṣòro.

Orúkọ dátà náà ni LFW. Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 2007. Kó tó dìgbà yẹn, inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti sábà máa ń ya fótò tí wọ́n fi ń dán irú ẹ̀rọ yìí wò, wọ́n á ní kí èèyàn jókòó, wọ́n á to iná síwájú ẹ̀, wọ́n á ní kó wo kámẹ́rà. Àwọn tó ṣe LFW sọ pé rárá, ojú èèyàn ò rí bẹ́ẹ̀ níta, ẹ jẹ́ ká lo fótò bó ṣe wà láyé gidi, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó yí orí, ẹni tí òjìji bò. Èrò tó dáa ni. Ibo ni wọ́n wá ti rí fótò? Àwọn fótò ìròyìn orí Yahoo ní ọdún 2002 sí 2003 ni, torí pé fótò ìròyìn máa ń ní orúkọ ẹni tó wà nínú ẹ̀ lábẹ́. Wọ́n rí fótò 13,233 kó jọ, èèyàn 5,749 ló wà nínú ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó jókòó tó sọ pé òun ò fẹ́ dúdú níbẹ̀ o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé asẹ́ ni wọ́n fi jọ ọ́, asẹ́ náà sì ju ẹyọ kan lọ.

Asẹ́ àkọ́kọ́ ni ìròyìn fúnra ẹ̀. Ta ni àwọn oníròyìn ń ya ní 2002? Olóṣèlú, àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì, òṣèré, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ọkùnrin òyìnbó. George W. Bush nìkan ní fótò 530 nínú LFW, ìyẹn ni pé tó o bá ka fótò 25, ọ̀kan máa jẹ́ tiẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo o.

Asẹ́ kejì ni mo rò pé àwọn èèyàn kì í sábà rí. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kó fótò jọ, èèyàn kọ́ ló lọ ń gé ojú jáde nínú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, sọfitíwíà kan tí wọ́n ń pè ní Viola-Jones ló ń wá ibi tí ojú wà. Ọ̀nà tó ń gbà wá a ni pé ó máa ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé: pé ibi ojú méjèèjì ṣókùnkùn ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, pé igi imú mọ́lẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ. Tí ìyàtọ̀ yẹn bá hàn kedere, á ní ojú rèé. Tí kò bá hàn, á fò ó kọjá. Wá fojú inú wo fótò ẹni tó dúdú tí wọ́n yà níwájú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, tí kámẹ́rà wá rẹ ìmọ́lẹ̀ gbogbo fótò náà sílẹ̀ nítorí fèrèsé yẹn, ojú onítọ̀hún á di dúdú kan náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò ní yàtọ̀ sí ibi ojú mọ́ lójú ẹ̀rọ. Irú fótò bẹ́ẹ̀ lè jábọ́, kò sì ní sí àkọsílẹ̀ pé ó jábọ́, torí ohun tí ẹ̀rọ ò rí, ẹ̀rọ ò lè kà á mọ́ ohun tó sọnù. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀rọ tí kò ríran dáadáa ló ń yan ojú tí wọ́n máa fi dán àwọn ẹ̀rọ mìíràn wò, àfi bí ìgbà tá a bá ní kí ọmọ tó fìdí rẹmi máa yan ìbéèrè ìdánwò fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Asẹ́ kẹta ni kámẹ́rà fúnra ẹ̀, tiẹ̀ sì ti pẹ́. Nígbà tí fíìmù ṣì wà, Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sáwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ fótò, fótò obìnrin òyìnbó kan ló wà lórí ẹ̀, wọ́n ń pè é ní káàdì Shirley, òun ni wọ́n fi ń tún àwọ̀ ṣe kí fótò tó jáde dáadáa. Tí ara Shirley bá ti dáa, wọ́n gbà pé ti gbogbo ayé ti dáa nìyẹn. Àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó ṣe káàdì tí àwọn obìnrin aláwọ̀ oríṣiríṣi jọ wà lórí ẹ̀.

Nígbà tí àwọn olùwádìí kan wá jókòó ka LFW lọ́dún 2014, wọ́n fojú bù ú pé 77.5% jẹ́ ọkùnrin, 83.5% jẹ́ òyìnbó.

Kó tó di pé wọ́n kà á, dátà yìí ti di òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé fi ń wọn ara wọn. Lọ́dún 2014 kan náà, Facebook gbé DeepFace jáde, ó gba 97.35% lórí LFW, nígbà tó máa fi di 2015 FaceNet ti Google ti gba 99.63%, àwọn èèyàn sì ń pariwo pé ẹ̀rọ ti ń dá ojú mọ̀ bí èèyàn. Àmọ́ wo bí ìdánwò náà ṣe rí. Fótò méjì-méjì ni, méjì 6,000, ìdajì jẹ́ ẹnì kan náà, ìdajì jẹ́ ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ á sọ bóyá ẹnì kan ni tàbí ẹni méjì. Àwọn ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn, ńṣe ni wọ́n kàn ṣà wọ́n bó ṣe bá wá, nítorí náà ẹ̀rọ á rí bàbá arúgbó tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, wọ́n á ní ṣé ẹnì kan ni àbí ẹni méjì. Ta ni ò ní gbà á? Ibi tó ti le ni pé kí wọ́n to obìnrin dúdú méjì tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, irú ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n nínú LFW. Àwọn tó ṣe LFW fúnra wọn pàpà kọ ìkìlọ̀ sójú ìwé wọn nígbà tó yá, pé ọ̀pọ̀ ìran èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀, pé obìnrin ò tó, àwọn ọmọdé ò tó, kí ẹnikẹ́ni má fi iye tí ẹ̀rọ ẹ̀ gbà lórí LFW sọ pé ó tó tà lọ́jà.

Àwọn dátà ńlá tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ (èyí tí wọ́n fi ń dán an wò yàtọ̀ séyìí tí wọ́n fi ń kọ́ ọ o) ò yọ nínú ẹ̀. MS-Celeb-1M ti Microsoft lọ́dún 2016 ní fótò tó tó mílíọ̀nù 10, ti àwọn gbajúmọ̀ bí 100,000, orí intánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kó wọn. Gbajúmọ̀ ta ni? Ti ẹni tí intánẹ́ẹ̀tì mọ̀ ni. Asẹ́ àkọ́kọ́ náà ni, wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ ni.

Ó yá, ká wá bọ́ sórí bí wọ́n ṣe ń wọn ìyàtọ̀ náà.

Iṣẹ́ tó ṣí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni Gender Shades, tí Joy Buolamwini àti Timnit Gebru ṣe lọ́dún 2018. Jẹ́ n tètè sọ nǹkan kan tí àwọn èèyàn máa ń lù pọ̀ mọ́ra: wọn ò dán ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀ wò níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wo ojú tó ń sọ pé ọkùnrin ni tàbí obìnrin ni wọ́n dán wò, ti IBM, ti Microsoft àti ti Face++ tó jẹ́ ti Ṣáínà. Ọmọ ìyá ni wọ́n àmọ́ ọ̀tọ̀ niṣẹ́ wọn. Tẹ́nì kan bá sọ fún ẹ pé Gender Shades fi hàn pé ẹ̀rọ ń pe ẹni méjì lẹ́nì kan, kò kà á.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ṣe òṣùwọ̀n tiwọn, wọ́n ń pè é ní PPB. Wọ́n lọ kó fótò àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Rùwáńdà, Sẹ̀nẹ̀gà àti Gúúsù Áfíríkà lápá kan, Áísílándì, Fínlándì àti Swídìn lápá kejì, àpapọ̀ ẹ̀ 1,270. Ọgbọ́n wà nínú yíyan aṣòfin o: fótò wọn wà ní gbangba, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjú sí kámẹ́rà, àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n mú sì jẹ́ èyí tí obìnrin pọ̀ díẹ̀ nílé aṣòfin wọn.

Wọ́n wá pín wọn nípa àwọ̀ ara, wọn ò lo ìran tàbí ẹ̀yà. Ìdí ẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìran ń yí padà láti ìlú kan dé òmíràn, ẹni méjì tí wọ́n kọ "dúdú" sí níwèé lè ní àwọ̀ tó jìnnà síra gan-an, kámẹ́rà ò sì mọ ìwé, àwọ̀ ló mọ̀. Òṣùwọ̀n àwọ̀ tí wọ́n lò ni ti Fitzpatrick, ipele mẹ́fà ló ní. Dókítà awọ ara ló ṣe é lọ́dún 1975 láti fi mọ bí oòrùn ṣe máa jó ara ẹni sí nígbà tí wọ́n bá ń fi ìtànṣán tọ́jú aláìsàn, kò rò ó mọ́ kọ̀ǹpútà rárá, ipele mẹ́rin ló sì ní níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipele karùn-ún àti ìkẹfà kún un fáwọn tó dúdú. Ìyẹn ni pé òṣùwọ̀n ìyàtọ̀ gan-an ní ìyàtọ̀ nínú, ó ń ya àwọn òyìnbó sọ́tọ̀ sọ́tọ̀, ó wá kó àwọn dúdú pọ̀ sójú kan. Ìdí nìyẹn tí Ellis Monk, onímọ̀ àwùjọ ní Harvard, fi ṣe èyí tó ní ipele 10, tí Google gbé jáde lọ́dún 2022. Nínú Gender Shades, ipele 1 sí 3 ni wọ́n pè ní pupa, 4 sí 6 ni wọ́n pè ní dúdú (mo kàn ń fi "pupa" pe gbogbo àwọn tí àwọ̀ wọn mọ́, òyìnbó wà níbẹ̀), dókítà awọ ara kan ló sì sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ipele tí kálukú wà.

Nígbà tí wọ́n fi òṣùwọ̀n kan náà ka dátà ojú àtijọ́ méjì, IJB-A tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde, 79.6% ló jẹ́ pupa, èkejì tó ń jẹ́ Adience jẹ́ 86.2%. PPB tiwọn jẹ́ 53.6%.

Èsì ti IBM ni màá mú torí òun ló ń kọ́ni jù. Ọkùnrin pupa, àṣìṣe 0.3%. Obìnrin pupa 7.1%. Ọkùnrin dúdú 12.0%. Obìnrin dúdú 34.7%. Kíyè sí i pé tó bá jẹ́ àwọ̀ nìkan ni wọ́n wò, tàbí ọkùnrin àti obìnrin nìkan, 34.7% yẹn ò ní hàn, ó máa pa mọ́ sáàárín àwọn yòókù. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ló wà. Pípín ẹgbẹ́ sí mẹ́rin yìí ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ náà.

Wàyí o, ká ṣe ìṣirò tí mo ní màá fi dá ẹ lóhùn. Àpapọ̀ àṣìṣe kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ nìkan ń pinnu, iye ẹni tó wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan náà ń pinnu ẹ̀. Nínú PPB, obìnrin dúdú jẹ́ 21.3%, ọkùnrin dúdú 25.0%, obìnrin pupa 23.3%, ọkùnrin pupa 30.3%. Nínú IJB-A, obìnrin dúdú jẹ́ 4.4% péré, ọkùnrin dúdú 16.0%, obìnrin pupa 20.2%, ọkùnrin pupa 59.4%. Mú àṣìṣe IBM mẹ́rin yẹn, má yí nǹkan kan padà nínú ẹ̀, wá ṣe é lọ́nà méjèèjì:

```
PPB:   0.213*34.7 + 0.250*12.0 + 0.233*7.1 + 0.303*0.3 = 12.1
IJB-A: 0.044*34.7 + 0.160*12.0 + 0.202*7.1 + 0.594*0.3 = 5.1
```

Lórí PPB, ẹ̀rọ yẹn gba nǹkan bí 88% (87.9% ni wọ́n kọ sínú iṣẹ́ náà, ó bára mu). Ká ní èèyàn bíi ti IJB-A ni wọ́n fi dán an wò, tí àṣìṣe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ò sì yí padà, á gba nǹkan bí 95%. Ẹ̀rọ kan náà, àṣìṣe kan náà, obìnrin dúdú kan náà tí wọ́n ń ṣì mọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Tí o bá fi ọkùnrin òyìnbó kún ìdánwò ẹ síwájú sí i, 97% á dé. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní wọ́n lè má parọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí àìtó yẹn ń bà jẹ́. IJB-A ní èèyàn 500, 4.4% ẹ̀ jẹ́ obìnrin 22. Ká ní o dán ẹ̀rọ wò lórí àwọn 22 yìí, tí kò ṣi ẹyọ kan mọ̀. Inú ẹ á dùn, wàá ní àṣìṣe 0%. Àmọ́ ọ̀nà kan wà táwọn oníṣirò ń lò, tí àṣìṣe kankan ò bá sí, kó o pín 3 sí iye èèyàn tó o dán wò, ìyẹn ni ibi tí àṣìṣe gidi ṣì lè ga dé. 3 sí ọ̀nà 22 jẹ́ nǹkan bí 13.6%. Òdo tó o rí yẹn ò sọ fún ẹ pé ẹ̀rọ náà dáa, ohun tó sọ ò ju pé àṣìṣe ẹ̀ jọ pé kò kọjá 13% lé díẹ̀ lọ. Lára àwọn ọkùnrin pupa bí 297 tó wà níbẹ̀, òdo kan náà á túmọ̀ sí pé kò jọ pé ó ju 1% lọ. Nítorí náà ẹgbẹ́ tó kéré nínú dátà ń jìyà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ ò kọ́ ojú wọn dáadáa, òṣùwọ̀n náà ò sì lè rí i pé kò kọ́ ọ.

Ṣé ó ṣeé tún ṣe? Lọ́dún 2019 Buolamwini àti Deborah Raji padà lọ dán wọn wò lórí PPB. Àṣìṣe Microsoft lórí obìnrin dúdú ti já láti 20.8% sí nǹkan bí 1.5%, Face++ láti 34.5% sí 4.1%, IBM láti 34.7% sí nǹkan bí 17%. Amazon, tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n dán an wò lọ́tẹ̀ yìí, 31.4%. Ẹni tí wọ́n tú àṣírí ẹ̀ tún ilé ẹ̀ ṣe, ẹni tí wọn ò tíì kàn wà bó ṣe wà. Èmi ò ní sọ pé wọ́n ti yege pátápátá o, torí PPB yìí náà ni wọ́n mọ̀ pé wọ́n máa fi dán àwọn wò.

Èyí tó wá kan dídá ojú mọ̀ gan-an, NIST, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, ló ṣe èyí tó tóbi jù, ní December 2019: algọ́rídímù 189, fótò mílíọ̀nù 18.27, ti èèyàn mílíọ̀nù 8.49. Níbí, ẹ̀rọ máa ń fún fótò méjì ní máàkì bí wọ́n ṣe jọra tó, ẹni tó ń lò ó á fa ààlà kan, tí máàkì bá kọjá ààlà, á ní ẹnì kan náà ni. Àṣìṣe méjì ló wá wà. Ó lè kọ ẹni tó ni ojú, ó sì lè pe ẹni méjì lẹ́nì kan. Àkọ́kọ́ ń múnú bíni, èkejì lè gbé èèyàn dé àtìmọ́lé.

NIST fa ààlà kan náà fún gbogbo ayé, wọ́n wá wo ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n sì ń fi àwọn tó jọ ti ibì kan náà wá wéra wọn, obìnrin sí obìnrin, ẹni ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà sí ẹni ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, kì í ṣe ìṣàkúṣà ti LFW. Wọ́n rí i pé pípe ẹni méjì lẹ́nì kan máa ń fi ìlọ́po 10 sí ìlọ́po 100 yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ nínú ọ̀pọ̀ algọ́rídímù, ó ga lára àwọn ará ìwọ̀ oòrùn àti ìlà oòrùn Áfíríkà àti ìlà oòrùn Éṣíà, ó kéré jù lára àwọn ará ìlà oòrùn Yúróòpù. Kì í ṣe fótò burúkú ló fà á o, fótò tó dáa tí wọ́n fi béèrè fún ìwé ìjọba náà ló ti ṣẹlẹ̀. Ibi tí fótò burúkú ti ṣe tiẹ̀ ni àṣìṣe àkọ́kọ́, kíkọ ẹni tó ni ojú, ó pọ̀ sí i lára àwọn tí wọ́n bí ní Áfíríkà àti Káríbíànù nínú fótò tí wọ́n ń yà ní ẹnubodè.

Ìlọ́po 10 lè dà bí nǹkan kékeré létí. Àpẹẹrẹ tèmi rèé, èmi ni mo gbé iye ẹ̀ kalẹ̀. Ká ní ààlà náà jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,000 ṣèèṣì bọ́ sí i lára ẹgbẹ́ kan, ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,000 lára ẹgbẹ́ kejì. Wọ́n wá ní àkójọ ojú 5,000 tí wọ́n ń wá, o kọjá níwájú kámẹ́rà, ìwọ ò sì sí nínú ẹ̀. Tó o bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, nǹkan bí ìdajì ojú kan ni wọ́n máa rí tó "jọ" ẹ, ìyẹn ẹnì kan fún ẹni méjì tó bá kọjá. Tó o bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ kejì, ojú márùn-ún ni, nígbàkúùgbà tó o bá kọjá.

Ohun kan tún wà nínú èsì NIST tó dá mi lójú pé ó tọ́ka sí dátà: àwọn algọ́rídímù kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà ò ní ìṣòro yẹn lára àwọn ará ìlà oòrùn Éṣíà. NIST ò sọ pé ẹ̀rí ni, torí wọn ò rí dátà tí wọ́n fi kọ́ wọn, wọ́n ní ó ṣeé ṣe ni. Èmi gbà pẹ̀lú wọn láti ṣọ́ra, àmọ́ mi ò rí àlàyé mìíràn tó rọrùn tó o.

Nítorí náà, tó o bá padà bá ilé-iṣẹ́ tó ní 97% yẹn, má bá wọn jiyàn lórí 97%. Ní kí wọ́n sọ fún ẹ pé lójú ààlà tí wọ́n ń tà á pẹ̀lú ẹ̀ yẹn, ìgbà mélòó ló ń pe obìnrin dúdú méjì lẹ́nì kan, èèyàn mélòó sì ni wọ́n fi dán ìyẹn wò. Tí wọ́n bá ní àwọn ò tíì kà á lọ́tọ̀, o ti mọ ibi tí wọ́n wà nìyẹn. Tí wọ́n bá ní òdo ni, béèrè bóyá àwọn 22 ni.